Kì í ṣe Oyún Èké: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ tí ó Yẹ Oyún Oníhóró-omi

Orúkọ a máa ro ọmọ, a sì máa ro àìsàn pẹ̀lú. Nígbà tí a bá sọ àìsàn kan lórúkọ, a ti sọ fún ẹni tí ó ń ṣe irú ohun tí ó ń bá a jà, a sì ti fi yé e, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ìjà náà yóò parí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ èdè-ìperí nínú ìmọ̀ ìṣègùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ilé-ìwòsàn ṣì ń retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ tí kò tọ́ ti lè gbé ẹ̀mí lọ.

Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn kedere ni irú oyún kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mólà. Bí nọ́ọ̀sì tàbí ògbufọ̀ kan bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún obìnrin tí kò gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá lọ, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tètè bọ́ sí i lẹ́nu ni “oyún èké”. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún sọ, ó yá, ó sì jọ pé ó ń tu ènìyàn nínú. Àbá tí àròkọ yìí ń gbé kalẹ̀ ni pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ó purọ́ nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì tún purọ́ nípa ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó wà nínú ilé-ọmọ

Nínú oyún tí ó dára, ẹyin obìnrin mú kírómósóòmù 23 wá, àtọ̀ ọkùnrin náà mú 23 wá, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 46. Ohun tí ó ti ara méjèèjì yìí wá pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: apá kan di ọmọ, apá kejì di ibi ọmọ. Ibi ọmọ ni ó dà bí gbòǹgbò igi. Ó ń ta ẹ̀ka tín-ín-rín wọ inú ara ilé-ọmọ lọ kí ó lè fa oúnjẹ wá fún ọmọ. Gbòǹgbò yìí kan náà ni ó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù oyún, èyí tí àyẹ̀wò ìtọ̀ máa ń wá kí a tó lè sọ pé obìnrin lóyún.

Nínú mólà kíkún, ẹyin tí àtọ̀ bá pàdé jẹ́ òfìfo: kírómósóòmù ti ìyá kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹyọ àtọ̀ kan wọlé, ó sì sọ 23 tirẹ̀ di méjì, kí iye náà lè pé 46. Nígbà mìíràn, ẹyọ àtọ̀ méjì ni wọ́n jọ wọlé. Bí a bá kà á, iye náà pé, ṣùgbọ́n ti baba ni gbogbo rẹ̀. Ní 1977 ni Kajii àti Ohama fi èyí hàn. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé apá tí ó yẹ kí ó di ọmọ kò hù, ṣùgbọ́n apá tí ó yẹ kí ó di gbòǹgbò ń hù láìní ìjánu. Àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín náà fa omi sára, wọ́n wú, wọ́n sì di hóró-hóró tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n so pọ̀ bí èso lórí ọ̀pá.

Irú kejì ni mólà aláàbọ̀. Níbẹ̀, ẹyin kò ṣófo, ṣùgbọ́n àtọ̀ méjì ni ó wọ̀ ọ́, kírómósóòmù sì di 69. A lè rí àmì ọmọ nínú irú èyí, kódà a lè rí ọkàn tí ó ń lù, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè yè.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi ọkàn sí níhìn-ín ni pé nínú irú méjèèjì, àtọ̀ pàdé ẹyin. Oyún wọlé. Gbòǹgbò ta. Họ́mọ́ọ̀nù oyún wà nínú ẹ̀jẹ̀, àní nínú mólà kíkún ó sábà máa ń pọ̀ ju ti oyún tí ó dára lọ. Kò sí ohun tí ó jẹ́ èké nínú rẹ̀. Oyún ni, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti gba ipò ọmọ.

Bí ó ṣe ń fara hàn

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà rọ̀ sí ojú òfuurufú, kí a fi ojú inú wo obìnrin kan ní Oníyanrìn, ọmọ ọdún 27, tí ó ti bí ọmọ kan rí. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún oṣù mẹ́ta. Èébì rẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí omi lásán kì í dúró nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ikùn rẹ̀, ó ní oyún yìí ti dàgbà ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbejì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, ó dúdú, kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ kan, hóró kan tí ó dà bí ìṣó omi bá ẹ̀jẹ̀ náà jáde.

Ìran yìí jẹ́ èyí tí ìwé ìṣègùn mọ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ni àmì tí ó wọ́pọ̀ jù. Ikùn tí ó tóbi ju iye oṣù lọ kì í wà lára gbogbo wọn, nítorí náà àìrí i kò fi hàn pé kò sí ewu. Èébì líle ń wá nítorí pé họ́mọ́ọ̀nù oyún ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì yọ sí aboyún kí oyún rẹ̀ tó pé oṣù márùn-ún, ó yẹ kí ọkàn oníṣègùn lọ sí mólà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru oyún kì í sábà tètè dé tó bẹ́ẹ̀. Ní ayé òde òní tí a ń fi síkáànù wo inú ní kùtùkùtù, ọ̀pọ̀ mólà ni a ń rí kí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó yọjú. Níbi tí obìnrin kò bá tètè ṣe síkáànù, ìtàn àtijọ́ náà ni a ṣì ń rí.

Ọ̀fìn kan wà nínú àyẹ̀wò ìtọ̀ tí ó yẹ kí àwọn agbẹ̀bí mọ̀. Nígbà tí họ́mọ́ọ̀nù bá pọ̀ ré kọjá ààlà, ó lè bo ohun èlò àyẹ̀wò mọ́lẹ̀, kí àyẹ̀wò sì sọ pé obìnrin náà kò lóyún. Bí a bá fi omi bu ìtọ̀ náà là, tí a sì tún un ṣe, òótọ́ á jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè wo ikùn tí ó wú àti àyẹ̀wò tí ó sọ pé kò sí oyún, kí ó sì pè é ní ìjù. Obìnrin náà yóò sì gba ilé elégbòogi lọ nígbà tí ó yẹ kí ó gba ilé-ìwòsàn lọ.

A ṣe síkáànù fún obìnrin Oníyanrìn yìí. Kò sí ọmọ, kò sí ọkàn tí ó ń lù. Àwòrán kún fún àmì funfun wẹ́wẹ́. Họ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 240,000 ẹyọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Oníṣègùn fi ẹ̀rọ fa ohun tí ó wà nínú ilé-ọmọ jáde, nítorí pé fífà ni ó dára jù fún irú èyí, ju kí a fi oògùn mú ilé-ọmọ sún kì lọ. Apá kan ohun tí a fà jáde lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí onímọ̀ ẹran ara lè fi maikirosíkóòpù wò ó. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé mólà tí ó tètè jáde lè jọ oyún tí ó bàjẹ́ lásán, tí ojú lásán kò sì ní lè yà á sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì fẹ́ tù ú nínú. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ má sunkún. Oyún èké ni. Kì í ṣe ọmọ. A ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.” Obìnrin náà gbọ́ gbólóhùn márùn-ún. Mẹ́rin àkọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ni yóò fi owó ọkọ̀ wá wo ohun tí kò sí, tí a sì ti kó kúrò?

Ohun tí ó kù lẹ́yìn fífà

Àgbẹ̀ tí ó bá ti bá ẹ̀kan jà rí ni yóò tètè mọ ìdí tí a fi ń pe obìnrin náà padà. Bí a bá ro oko mọ́ tónítóní, ilẹ̀ á dán, ṣùgbọ́n bí ègé gbòǹgbò kékeré kan bá kù sínú ilẹ̀, òjò kejì kò ní tíì dá tí ẹ̀kan á fi tún yọ. Gbòǹgbò mólà náà lè kù sínú ara ilé-ọmọ lẹ́yìn fífà. Lára àwọn tí ó ní mólà kíkún, bíi 15 sí 20 nínú 100 ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Lára àwọn tí ó ní mólà aláàbọ̀, kò ju 1 sí 5 nínú 100 lọ. Gbòǹgbò tí ó kù lè wọ inú ẹran ilé-ọmọ, ó sì lè di jẹjẹrẹ ibi ọmọ, èyí tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti sí ọpọlọ.

Ohun tí ó mú kí ìyà yìí ṣeé dènà ni pé gbòǹgbò náà kò lè fara pamọ́. Níbikíbi tí ó bá wà, ó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù oyún. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ. Lẹ́yìn fífà, ó yẹ kí iye họ́mọ́ọ̀nù máa wálẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí yóò fi dé ìwọ̀n ti ẹni tí kò lóyún. Kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn fífà, 240,000 ti di 9,000. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 1,100. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 140. Ó ń lọ dáadáa, ara obìnrin náà sì ti le. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, 145. Ní ìkarùn-ún, 150. Ní ìkẹfà, 147. Kò sí ìrora, kò sí ẹ̀jẹ̀, ó sì ti ń lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n òǹkà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti dúró sójú kan, ìlànà àgbáyé sì sọ pé bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ṣì wà láàyè. Bákan náà ni bí òǹkà bá ń gòkè fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra.

Bí a bá mú un ní ìpele yìí, oògùn kan ṣoṣo, mẹtotírẹ́sétì, sábà máa ń tó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí a bá tètè mú báyìí ni ara wọn ń dá, tí ọ̀pọ̀ sì tún ń bímọ. Ní 1956 ni Min Chiu Li àti Roy Hertz fi oògùn yìí wo jẹjẹrẹ ibi ọmọ sàn ní Amẹ́ríkà, ó sì wà lára àwọn jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ tí ó ti tàn ká ara tí oògùn nìkan wò sàn. Láti 1973 ni ilẹ̀ Bìrìtìkó ti ń forúkọ gbogbo obìnrin tí ó bá ní mólà sílẹ̀ kí a lè máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Họ́sípítù, tí ilé rẹ̀ ṣí ní 1957, ti kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ ibi ọmọ láti àwọn ọdún 1970. Ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ìlú yìí.

Bí obìnrin náà kò bá wá, kò sí ohun tí yóò pè é. Oṣù díẹ̀ lè kọjá kí ẹ̀jẹ̀ tó tún yọ, tàbí kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀jẹ̀ jáde. Nígbà náà, wọ́n lè máa wo ikọ́ ife fún un, nígbà tí gbòǹgbò náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìtọ́jú ṣì wà ní ìpele yẹn, ṣùgbọ́n oògùn á pọ̀, owó á gun, ewu náà á sì ga.

Ìdí kan náà ni a fi ń sọ pé kí ó má tíì lóyún mìíràn títí àtẹ̀lé yóò fi parí. Kì í ṣe pé oyún tuntun jẹ́ májèlé. Oyún tuntun yóò gbé họ́mọ́ọ̀nù gòkè, a kò sì ní mọ̀ bóyá ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí gbòǹgbò àtijọ́. Oṣù mẹ́fà ni a sábà ń fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀; àwọn ìlànà tuntun ti dín in kù fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tètè wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè lóyún: bí ẹnì kan nínú 100 péré ni mólà ń tún padà ṣe.

Orúkọ wo ni ó yẹ?

Láti Oníyanrìn, Yemẹtu tí Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà kò jìnnà. Ọ̀nà jíjìn kọ́ ni ó ń dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dúró. Owó àyẹ̀wò jẹ́ ìdènà gidi, kò sì sí èdè-ìperí tí ó lè san án. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó náà pàápàá kò ní ná an lórí ohun tí a ti sọ fún un pé ó jẹ́ èké. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé “oyún èké” ń tu obìnrin nínú, kí ó má baà ṣọ̀fọ̀. A gbà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí orúkọ yìí tọ́ sí ní tòótọ́: ti obìnrin tí ìfẹ́ ọmọ mú kí ikùn rẹ̀ wú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n tí àtọ̀ kò pàdé ẹyin rárá. Kò sí àtẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ fún ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá dúró fún méjèèjì, a ó da èyí tí kò ní gbòǹgbò pọ̀ mọ́ èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ lè pani.

Bí a bá sì yá “mólà” lò nìkan, kò burú, nítorí pé òun ni a ó kọ sínú káàdì, àwọn oníṣègùn yóò sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún aláìsàn. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ọlọ. Àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó gan-an ni ó yé.

Àbá tí ó dára jù ni “oyún oníhóró-omi”. Ó pè é ní oyún, èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Ó sọ ohun tí ojú rí, nítorí náà obìnrin tí ó bá rí hóró kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò mú dé ilé-ìwòsàn. Kò sì pe hóró náà ní ọmọ. Ìṣọ́ra yìí nídìí: ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé ní 1276 obìnrin ọlọ́lá kan bí ọmọ 365 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì gbà pé hóró mólà ni wọ́n kà sí ọmọ.

Orúkọ yìí nìkan kò tó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kejì wà fún ohun tí ó lè kù lẹ́yìn fífà, “gbòǹgbò aṣẹ́kù” sì bá a mu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ro oko rí yóò mọ ohun tí a ní lọ́kàn. A kò gbọdọ̀ sáré pè é ní jẹjẹrẹ, nítorí pé gbogbo gbòǹgbò aṣẹ́kù kọ́ ni ó jẹ́ jẹjẹrẹ, ìbẹ̀rù sì lè lé aláìsàn lọ bí irọ́ ṣe ń lé e. “Jẹjẹrẹ ibi ọmọ” yóò dúró fún èyí tí ó ti di bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ kẹta ni “ìwọ̀n aláìlóyún”, èyí tí yóò sọ fún obìnrin náà ibi tí ìrìn àjò rẹ̀ ń lọ. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó “máa wá” kò mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó wá títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi dé ìwọ̀n aláìlóyún, kí ó sì dúró síbẹ̀, ó mọ òpin ọ̀nà.

Bí nọ́ọ̀sì náà bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, yóò rí báyìí: “Ìyàwó, ẹ kú ara fẹ́rakù. Oyún oníhóró-omi ni. Ọmọ kò hù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ta. A ti fà á jáde, ṣùgbọ́n gbòǹgbò aṣẹ́kù lè wà tí ojú kò rí. Ẹ̀jẹ̀ yín ni yóò sọ fún wa. Ẹ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dé ìwọ̀n aláìlóyún. Bí ara yín bá tilẹ̀ le, ẹ wá.” Kò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ó ba èkejì jẹ́. Ìtùnú wà nínú rẹ̀, ìdí tí obìnrin Oníyanrìn náà yóò fi padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí ara rẹ̀ ti le, sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.